Ìdí kan kò gbọdọ̀ bá ìṣẹ̀lẹ̀ méjì mu
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ń ṣe ìbéèrè ìsopọ̀ fún ìtàn, níbi tí ọmọ ti ń so ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọdún àti ìdí rẹ̀, òpó ìdí ni kí ẹ yẹ̀ wò jù. Ká ní Ogun Àdùbí (1918) àti Ogun Àwọn Obìnrin ní Aba (1929) wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kọ “owó orí” lásán, ó bá méjèèjì mu, ọmọ tó mọ̀ ọ́n á sì pàdánù máàkì. Ẹ kọ “owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe” fún Àdùbí, kí ẹ kọ “kíka èèyàn àti ẹran ọ̀sìn, tó mú kí wọ́n fura sí owó orí” fún Aba. Ẹ má fi “obìnrin” sínú ìdí yẹn o, ọ̀rọ̀ náà á tú ìdáhùn síta. Ẹ tún fi ọdún kan tí kò bá ìkankan mu, bíi 1914, kún òpó ọdún, kí ìdáhùn tó kẹ́yìn má baà jẹ́ àjẹkù lásán.