Gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: bí a ṣe ń ṣírò ohun tó ń ná wa gan-an

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja yíyan ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ọdún Iléyá ń bọ̀, ó yá ₦80,000 lọ́wọ́ olówó èlé kan láti fi kó ẹja àrọ̀ sílẹ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦3 lórí ₦100 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò sì fi san án tán. Wọ́n ní náírà mẹ́ta péré ni. A jókòó ti káàdì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, a sì ṣírò rẹ̀ báyìí.

Àpapọ̀ gbèsè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé orí owó wo ni wọ́n ń ka èlé lé. Ìdáhùn tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé orí ₦80,000 àkọ́kọ́ ni, láti ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ìkẹjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè náà ń dín kù. Nítorí náà:

80,000 × 3 ÷ 100 = 2,400 lọ́sẹ̀
2,400 × 8 = 19,200
80,000 + 19,200 = 99,200

Tí a bá pín ₦99,200 sọ́nà mẹ́jọ, ₦12,400 ni yóò máa san lọ́sẹ̀. Ohun tó wà lórí káàdì rẹ̀ náà nìyẹn.

Iye tó wọ ọwọ́. Kí wọ́n tó ka owó fún un, wọ́n ti yọ ₦4,000 fún fọ́ọ̀mù àti káàdì. ₦76,000 ló gbé dé ilé. Ó gba ₦76,000, yóò san ₦99,200, nítorí náà owó yìí ná an ní ₦23,200. Iye tó wọ ọwọ́ yín ni kí ẹ máa fi ṣírò, ẹ má fi iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ṣe é.

Ìdí tí kì í fi í ṣe náírà mẹ́ta. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Nínú ₦80,000, ₦10,000 péré ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ₦2,400 ni èlé tí yóò san lé e. Ìyẹn jẹ́ ₦24 lórí ₦100 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ibí yìí ló dùn mí jù, torí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Bí a ṣe ń wá èlé gidi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ₦76,000, kí ẹ sì méfò èlé kan. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èlé náà kún ohun tó ṣẹ́kù, kí ẹ wá yọ ₦12,400 kúrò. Bí ó bá ku òdo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èlé gidi nìyẹn. A kọ́kọ́ dán ₦6 lórí ₦100 wò. Lọ́sẹ̀ kìíní, èlé jẹ́ ₦4,560, gbèsè sì di ₦68,160. Lọ́sẹ̀ kejì ó di ₦59,850. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí tó fi jẹ́ pé lọ́sẹ̀ kẹjọ, owó tó san fi nǹkan bíi ₦1,596 ju gbèsè lọ. Ó túmọ̀ sí pé èlé gidi ju ₦6 lọ. A dán ₦6.50 wò, nǹkan bíi ₦827 sì ṣẹ́kù: ìyẹn ti pọ̀ jù. Láàárín méjèèjì, a rí ₦6.33. Ó ju ìlọ́po méjì náírà mẹ́ta tí wọ́n sọ lọ.

Ẹni tó bá ní Excel lórí fóònù lè tẹ èyí, yóò sì rí 6.33:

```
=TEXT(RATE(8,-12400,76000)*100,"0.00")
```

Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ owó igi, owó ọkọ̀ àti ẹja tó bàjẹ́ kúrò nínú èrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí òun bá ta ọjà ₦76,000 tán, nǹkan bíi ₦9,000 ló máa ń kù fún òun. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi ₦11.80 lórí ₦100. Tó bá tà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ju ₦6.33 lọ dáadáa, owó yíyá náà sì lérè. Ṣùgbọ́n tó bá gba ọ̀sẹ̀ méjì, ₦5.90 ni èrè ọ̀sẹ̀ kan, kò tó èlé mọ́, àdánù nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹ fọkàn sí. ₦9,000 kò tó ₦12,400. Kódà bí ọjà bá yá, ₦3,400 ni yóò máa fà yọ nínú ojú owó lọ́sẹ̀ kìíní, ẹja tó lè rà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò sì dín kù. Bí iná ìyan bá ti ń kéré sí i lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, gbèsè ti ń jẹ ọjà nìyẹn.

Ó bi mí bóyá kí òun san gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin kí ọkàn òun balẹ̀. A lọ béèrè. Wọ́n ní yóò ṣì san ₦19,200 èlé náà pé. Yóò dá owó wọn padà kíákíá, kò ní rí ẹ̀dínwó kankan, èlé gidi yóò sì tún ga ju ₦6.33 lọ. Ó fi owó náà ra àrọ̀ kéékèèké tó máa ń tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ń san ₦12,400 rẹ̀ lọ.