Bí a ṣe ń ṣírò èrè orí ọjà kọ̀ọ̀kan ká tó pa èyíkéyìí tì

Mú oṣù kan tó ti parí. Kọ iye tí o tà nínú ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti owó tó wọlé gan-an lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ ẹ̀dínwó. Ìwé ajákọ tó o fi rúlà fa ìlà sí ti tó, kò dìgbà tó o bá ra nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, yọ owó tí kò ní jáde lápò rẹ ká ní o ò ṣe ọjà yẹn rárá: ohun èlò, ọ̀rá tí a fi dì í, owó ìfiránṣẹ́, àti èyí tó bàjẹ́. Àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé èyí tó bàjẹ́.

Dúró níbẹ̀. Má tíì fọwọ́ kan owó ilé. Ibí yìí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ ara wọn pa ọjà tó ń bọ́ wọn. Wọ́n á pín owó ilé dọ́gbadọ́gba sórí gbogbo ọjà, èyí tó bá sì jọ pé ó pàdánù, wọ́n á lé e lọ.

Ká ní oníṣẹ́ awọ kan ń dá ṣiṣẹ́, owó ilé rẹ̀ sì jẹ́ 30,000 lóṣù. Báàgì mú 21,000 wá lẹ́yìn ohun èlò, bàtà mú 25,000, bẹ́líìtì mú 8,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 24,000. Tó bá pín owó ilé sí mẹ́ta, bẹ́líìtì á gba 10,000, á wá dà bíi pé ó jẹ gbèsè 2,000. Ó bá pa bẹ́líìtì tì. Ṣé onílé máa dín owó rẹ̀ kù? Rárá o. 30,000 yẹn ṣì wà níbẹ̀, èrè wá di 16,000. Nítorí náà, àpapọ̀ ohun tí gbogbo ọjà mú wá ni kí o ti yọ owó ilé, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí tí o máa polówó ńkọ́? Wo ohun tó wọ́n ọ jù. Fún oníṣẹ́ awọ yìí, àkókò ni. Báàgì kan mú 1,400 wá, ṣùgbọ́n ó gba wákàtí mẹ́rin: 350 fún wákàtí kan. Bàtà mú 1,000 wá ní wákàtí méjì: 500. Bẹ́líìtì mú 200 péré, ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú ló gbà: 600. Èyí tó fẹ́ lé lọ gan-an ló yẹ kó gbé síwájú, níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá ṣì ń béèrè fún un. Bó bá jẹ́ pé orí sẹ́ẹ̀lífù ni ààyè ti wọ́n ọ, fi ìbú sẹ́ẹ̀lífù pín in dípò wákàtí.

Ọjà tí owó rẹ̀ kò bo ohun èlò rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi owó lé lórí. Bí kò bá tà mọ́, yọ ọ́. Ṣùgbọ́n yẹ rìsíìtì wò ná: bí àwọn tó ń rà á bá ń ra bàtà pẹ̀lú rẹ̀, ka èrè bàtà wọ̀nyẹn mọ́ ọn kí o tó pinnu.