Nínú àwọn wo? Bí a ṣe ń ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lórí àtẹ tó ní ìbú àti òòró

Lóru ọjọ́ 14 mọ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1912, ọkọ̀ ojú omi Títáníìkì forí sọ òkè yìnyín lójú òkun Àtìláńtíìkì, ó sì rì. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé nínú àwọn tó yè, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló pọ̀ jù, òótọ́ ló sọ. Bí ẹlòmíràn bá sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gan-an ni yíyè ṣọ̀wọ́n fún jù, òótọ́ ni òun náà sọ. Àtẹ kan náà ni àwọn méjèèjì kà: ọ̀kan kà á ní òòró, èkejì kà á ní ìbú. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe àtẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíkà ló ṣáájú

Ohun méjì la fẹ́ mọ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ọkọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni ipò rẹ̀: ṣé kíláàsì kìíní ló wà ni, tàbí kejì, tàbí kẹta, àbí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni? Èkejì ni bóyá ó yè tàbí ó kú. Kò sí èyí tí a lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n nínú méjèèjì. Ẹ̀yà la kàn ń pín èèyàn sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sí ẹ̀yà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà láìní ẹ̀yà.

Ẹ ya ìlà ìbú kan fún ipò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya ìlà òòró kan fún àwọn tó kú àti òmíràn fún àwọn tó yè. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àmì kan sínú àpótí tí ìbú wọn àti òòró wọn ti pàdé. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ka àmì inú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ tó bá ètò kọ̀ǹpútà R wá ni mo lò níbí, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè ṣí i kó sì yẹ̀ mí wò. Ẹ lè rí iye tó yàtọ̀ díẹ̀ níbòmíràn.

| | Kú | Yè | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Kíláàsì kìíní | 122 | 203 | 325 |
| Kíláàsì kejì | 167 | 118 | 285 |
| Kíláàsì kẹta | 528 | 178 | 706 |
| Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ | 673 | 212 | 885 |
| Àpapọ̀ | 1,490 | 711 | 2,201 |

Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ ro àpapọ̀ tó wà lápá ọ̀tún pọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀ sápá ọ̀tún. Iye kan náà ni kí méjèèjì fún yín, 2,201. Bí wọn kò bá bára mu, àṣìṣe ti wọ inú ìròpọ̀ yín níbì kan, kò sì sí ìpín tó lè tún un ṣe.

Pípín ní ìbú

Ẹ mú ìlà ìbú kan, kí ẹ sì fi àpapọ̀ ìlà náà pín ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún kíláàsì kìíní, 203 tí a fi 325 pín, tí a wá sọ di ọlọ́gọ́rùn-ún, jẹ́ 62.5. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a ó rí 41.4 fún kíláàsì kejì, 25.2 fún kíláàsì kẹta, àti 24.0 fún àwọn òṣìṣẹ́.

Bí a ṣe ń kà á nìyí: nínú àwọn tó wà ní kíláàsì kìíní, ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Nínú àwọn òṣìṣẹ́, ìdá 24 péré ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró gẹ́gẹ́ bí odindi. Nítorí náà, ipò tí èèyàn pọ̀ sí àti ipò tí wọn kò pọ̀ sí ti di ọgba, a sì lè fi wọ́n wé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Pípín ní òòró

Wàyí o, ẹ fi 711, àpapọ̀ àwọn tó yè, pín gbogbo ohun tó wà lábẹ́ “Yè”. Kíláàsì kìíní á jẹ́ 28.6, kejì 16.6, kẹta 25.0, òṣìṣẹ́ 29.8. Kíkà rẹ̀ ti yí padà: nínú gbogbo àwọn tó yè, ìdá 29.8 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn tí yíyè ṣọ̀wọ́n fún jù fi pọ̀ jù láàárín àwọn tó yè? Ẹ wo àpapọ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ 885 ló wà nínú ọkọ̀ náà, èyí tó jẹ́ ìdá 40.2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. Wọ́n kó ìdá 40 wọ inú ọkọ̀, àmọ́ ìdá 30 ni wọ́n ní láàárín àwọn tó jáde láàyè. Kíláàsì kìíní kó ìdá 14.8 péré wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì ní ìdá 28.6 láàárín àwọn tó yè. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lo ìpín òòró kọ ìpín gbogbo èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí 29.8 bá dá wà, kò sọ fún wa bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré.

Ibi tó léwu jù lọ nínú àtẹ yìí ni ìlà kíláàsì kẹta. Ìpín ìbú rẹ̀ jẹ́ 25.2, ìpín òòró rẹ̀ jẹ́ 25.0. Ẹni tó bá ń sáré kà lè rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan ń sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn ará kíláàsì kẹta ló yè. Èkejì ń sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó yè jẹ́ ará kíláàsì kẹta. Ẹgbẹ́ èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi pín. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé iye wọn, 706 àti 711, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni.

“Nínú” ni kí ẹ máa wá

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí pé a kò lè sọ ìpín kó yé èèyàn láìsọ “nínú”. Ohun tó bá tẹ̀ lé “nínú” ni ohun tí a fi pín. Ẹ máa kọ gbólóhùn náà ní kíkún lábẹ́ àtẹ yín: “Nínú àwọn báyìí, ìdá báyìí ló ṣe báyìí.” Bí ẹ bá rí gbólóhùn bíi “ìdá 25 kíláàsì kẹta tó yè”, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti yọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ jùlọ kúrò, kò sì sí bí òǹkàwé ṣe lè mọ èyí tó ní lọ́kàn.

Bí wọ́n bá gbé àtẹ fún yín láìsí àlàyé, ẹ ro ìdá inú ìlà kan pọ̀. Bí ìbú bá fún yín ní 100, a jẹ́ pé ìbú ni wọ́n pín. Bí òòró ló bá fún yín ní 100, òòró ni. Bí kò bá sí èyí tó pé 100 nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpapọ̀ gbogbo èèyàn ni wọ́n fi pín àpótí kọ̀ọ̀kan.

Lórí R, àṣẹ mẹ́rin yìí tó. `1` dúró fún ìbú, `2` fún òòró:

```
ate <- margin.table(Titanic, c(1, 4))
addmargins(ate)
round(100 * prop.table(ate, 1), 1)
round(100 * prop.table(ate, 2), 1)
```

Ẹni tó bá ń lo Excel á rí `% of Row Total` fún ìbú àti `% of Column Total` fún òòró lábẹ́ `Show Values As`, nínú `PivotTable`.

Èwo ni ká lò?

Ẹ bi ara yín pé èwo ló ṣáájú nínú ohun méjèèjì. Èèyàn ti wà ní kíláàsì rẹ̀ kí ọkọ̀ tó rì, nítorí náà kíláàsì la ó fi pín, yíyè la ó sì máa wò. Nínú àtẹ wa, ìbú ni ìyẹn. Bí ẹnì kan bá yí àtẹ náà po tó gbé kíláàsì sókè, òòró ló máa di. Ẹ má ṣe há “ìbú ló tọ́” sórí. Ohun tó ṣáájú ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, níbikíbi tí ó bá wà.

Ìlànà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ìyẹn ibi tí olùwádìí fúnra rẹ̀ ti pinnu iye èèyàn tó máa wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill gbé ìwádìí wọn jáde lórí sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì mú 649 mìíràn tí kò ní in. Nínú àwọn tó ní in, 647 ló ń mu sìgá, 2 kì í mu ún. Nínú àwọn tí kò ní in, 622 ló ń mu ún, 27 kì í mu ún.

Sìgá ló ṣáájú àìsàn, ó sì lè wu èèyàn pé kó fi àwọn amusìgá pín. Àwọn amusìgá jẹ́ 1,269, èyí tí 647 jẹ́ ìdá 51 nínú rẹ̀. Ṣé ìdajì àwọn amusìgá ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró nígbà náà ni? Rárá o. Àwọn olùwádìí ló mú aláìsàn kan fún ẹnì kan tí kò ní àìsàn náà, iye tí wọ́n yàn yẹn ló sì bí 51. Ká ní ẹni méjì tí kò ní in ni wọ́n mú fún aláìsàn kan, tí ìwà wọn sì rí bákan náà, amusìgá 1,244 ni à bá rí láàárín wọn dípò 622, ìdá 51 náà ì bá sì já sí 34, láìsí pé ohunkóhun yí padà lára sìgá tàbí àìsàn.

Irú ibi báyìí ni a ti gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹ́ tí olùwádìí yàn pín. Nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ náà, ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í mu sìgá. Nínú àwọn tí kò ní in, ìdá 4.2 ni. Bí wọ́n tilẹ̀ sọ àwọn tí kò ní in di ìlọ́po méjì, 54 nínú 1,298 ṣì jẹ́ ìdá 4.2.