Irùngbọ̀n ló ń tú àṣírí ojú tí a pààrọ̀

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń fi ojú ẹnìkan rọ́pò ti ẹlòmíràn nínú fọ́tò, ẹ má gé e gba àárín irùngbọ̀n. Irun á kàn dáwọ́ dúró lójijì bí ẹni pé abẹ ló fá a.

Ká ní ojú tí a fá ni ẹ fẹ́ gbé lé ara onírùngbọ̀n: ẹ fi irun àgbọ̀n àti ti òkè ètè sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ gé ojú tuntun lókè ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Tí irun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ fi Clone Stamp, irinṣẹ́ Photoshop tó ń da àwòrán kọ, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ojú ààlà ibi tí ẹ ti gé e. Irinṣẹ́ Blur tó ń sọ àwòrán di bàìbàì (ẹ̀mí mi kọ̀ ọ́!) á sọ ọ́ di ìdọ̀tí.

Tí àtíkè bá wà lójú tuntun ńkọ́? Etí àti ọrùn ni kí ẹ fi wé àwọ̀ ojú.