Bí mo ṣe kọ gíìgì tuntun lórí Fiverr tó fi tètè jáde nínú ìwákiri

Fiverr ni ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gíìgì sì ni ojú ewé tí a fi ń polówó iṣẹ́ kan níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo gbé síbẹ̀ láti Sùúrùlérè ni gbígbọ́ ohùn Yorùbá àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, àpótí ìwákiri ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo tẹ `transcription` nìkan, àwọn tó sì jáde lójú ewé kìíní jẹ́ ògbólógbòó tí oníbàárà ti kọ èsì fún lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tuntun kò lè rí ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀. Mo wá tẹ `yoruba`, mo dúró díẹ̀ kí àpótí náà fúnra rẹ̀ mú ìyókù wá, torí pé ohun tó bá mú wá jọ ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀.

Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan méjì ni mo sì ń wò. Ṣé gíìgì tí èsì rẹ̀ kò tíì tó mẹ́wàá wà lójú ewé kìíní? Ṣé a rí èsì tí wọ́n kọ láàárín oṣù kan sẹ́yìn? Èyí àkọ́kọ́ fi hàn pé àyè wà, èkejì fi hàn pé owó ń wọlé. Bí àyè bá wà tí kò sí èsì tuntun, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá a ni.

Àkọlé tí mo fi sí i nìyí:

```
I will transcribe yoruba audio to text with tone marks
```

Fiverr ló ń fi `I will` síwájú, gbogbo àkọlé kò sì gbọdọ̀ kọjá lẹ́tà 80. Mo kọ `yoruba` láìfi àmì sí i nítorí pé oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìnì kì í fi àmì tẹ̀ ẹ́. Ẹ yanjú àkọlé pátápátá kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé e jáde: inú àkọlé àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì ojú ewé náà ti ń wá, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ẹ lè yí àkọlé padà, àdírẹ́sì kò ní bá a yí.

Àyè márùn-ún ló wà fún ọ̀rọ̀ ìwákiri. Mo fi `yoruba transcription`, `yoruba audio`, `audio to text` àti `yoruba subtitles` sí mẹ́rin, mo sì fi `nigerian languages` sí ìkarùn-ún. Mi ò fi `data entry` sí i rárá. Bí ẹni tó ń wá àtẹ̀wé lásán bá rí yín, yóò kọjá lọ ni.

Orí ìpele iye owó mẹ́ta, `Basic`, `Standard` àti `Premium`, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á fi àmì ohùn sínú `Premium` nìkan, kí `Basic` lè dà bí ohun olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n `Basic` ni ẹni tí kò mọ̀ yín rí máa kọ́kọ́ rà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni èsì àkọ́kọ́ yín wà. Bó bá gba iṣẹ́ tí kò lámì, tí àkọlé sì ti ṣèlérí àmì, ẹ ti mọ ohun tó máa kọ. Nítorí náà, àmì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gígùn ohùn ló yàtọ̀. `Basic` jẹ́ ìṣẹ́jú 10 fún dọ́là 10, ọjọ́ 2. `Standard` jẹ́ ìṣẹ́jú 30 fún dọ́là 27, ọjọ́ 3. `Premium` jẹ́ ìṣẹ́jú 60 fún dọ́là 50, ọjọ́ 5, pẹ̀lú fáìlì `.srt` fún ẹni tó fẹ́ gbé e sórí fídíò.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí owó náà má bàa tàn yín. Fiverr máa ń yọ ìdá 20 nínú 100, dọ́là 8 ló máa kù nínú 10. Ìṣẹ́jú kan ohùn tó mọ́ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 lọ́wọ́ mi, èyí já sí dọ́là 8 fún wákàtí kan. Ní `Premium`, dọ́là 40 á kù fún wákàtí 6. Owó wákàtí kan ti wálẹ̀ díẹ̀, ibi tó yẹ kí ẹ̀dínwó mọ nìyẹn. Ọjọ́ 2 fún iṣẹ́ wákàtí kan lè dà bí ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Èkó, iṣẹ́ tó bá pẹ́ sì ń ba orúkọ gíìgì jẹ́ ju ọjọ́ gígùn lọ.

Nínú àlàyé, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo fi `yoruba transcription` sí, mo tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nísàlẹ̀, ó tán. Ìyókù ni mo fi sọ ohun tí kò sí nínú owó náà: ohùn ibi ayẹyẹ tí ìlù bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àti títúmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ yẹ kó ní gíìgì tirẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn tó ń wá a ń tẹ̀.

Lẹ́yìn tó jáde, mo fọwọ́ kúrò lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá wo òǹkà. Bí `Impressions`, ìyẹn iye ìgbà tí gíìgì hàn sí àwọn èèyàn, kò bá rìn, ọ̀rọ̀ ìwákiri ni kí ẹ tún ṣe. Bí wọ́n bá ń rí i tí `Clicks` kò sí, àwòrán tàbí iye `Basic` ni. Bí wọ́n bá ń ṣí i tí `Orders` kò wọlé, ẹ padà sórí àwọn ìpele àti àlàyé. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.