Bébà mẹ́jọ lórí tábìlì: bí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ka iye p

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kàwé níbí ní Abẹ́òkúta ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó ní kí n bá òun wo orí kẹrin púrójẹ́ẹ̀tì òun kí òun tó fà á lé ọ̀gá òun lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà wù mí, torí pé ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni. Ìyá aláró kan tó mọ̀ ní Ìtòkú ló sọ fún un pé téèyàn bá fi omi iyọ̀ ṣan aṣọ lẹ́yìn tó bá ti rẹ ẹ́ láró, aṣọ náà kì í tètè ṣá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni.

Ohun tó ṣe kò le. Ó gé aṣọ funfun sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó rẹ gbogbo rẹ̀ láró, ó fi omi iyọ̀ ṣan mẹ́rin, ó sì fi omi lásán ṣan mẹ́rin yòókù. Ó fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn nígbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò mọ èwo lèwo, ó ní kó tò wọ́n láti orí èyí tí kò ṣá púpọ̀ dé orí èyí tó ṣá jù. Àwọn oníyọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba ipò kìíní dé ìkẹrin. Ó kó o sínú kọ̀ǹpútà báyìí:

```r
iyo   <- c(1, 2, 3, 4)
lasan <- c(5, 6, 7, 8)
wilcox.test(iyo, lasan)
```

Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé `p-value = 0.02857`, ìyẹn ni iye p. Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ ọ́ pé: "Ó dá wa lójú ní ìdá 97 nínú 100 pé iyọ̀ ń dáàbò bo aró."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn o." Mo mọ̀. Bí èmi náà ṣe kọ ọ́ nígbà tèmi nìyẹn, wọ́n sì fún mi ní máàkì.

Mo fa ìwé kan ya, mo gé e sí mẹ́jọ, mo kọ 1 dé 8 sí wọn lára, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà pé iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Aṣọ tó máa ṣá yóò ṣá, ìbáà jẹ́ omi òkun lo fi ṣàn án. Ṣé o rí i pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ipò tí aṣọ kọ̀ọ̀kan wà ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa la kàn lọ lẹ orúkọ 'oníyọ̀' mọ́ mẹ́rin nínú wọn?" Ó ní òun rí i. "Ó dáa. Ọ̀nà mélòó la lè gbà lẹ orúkọ náà mọ́ mẹ́rin nínú mẹ́jọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣa bébà: 1, 2, 3, 4; 1, 2, 3, 5; 1, 2, 3, 6. Nígbà tó dé bí ogún, ó sú u, ó wá rántí ọ̀nà àbùjá. Ó sọ 8 di ìlọ́po 7, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 6, ó tún sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó jẹ́ 1680. Ó pín in sí 24, nítorí ọ̀nà 24 ni èèyàn lè gbà to bébà mẹ́rin kan náà. Ó ku 70.

Nínú àádọ́rin ọ̀nà yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni àwọn oníyọ̀ á ti gba ipò 1, 2, 3, 4. Ẹyọ kan tún wà tó dà bí òjìji rẹ̀, níbi tí wọ́n á ti gba 5, 6, 7, 8. Kọ̀ǹpútà ka ìyẹn náà mọ́ ọn, torí pé bóyá ìyàtọ̀ wà la bi í, a ò sọ ibi tí ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Méjì nínú àádọ́rin. Ó mú fóònù, ó pín 2 sí 70, ó rí 0.02857. Ó wo fóònù, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Iye p ń sọ pé: bí iyọ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, ìgbà mélòó ni irú èsì yìí, tàbí èyí tó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kàn ṣèèṣì wáyé? Ìgbà méjì nínú àádọ́rin. Ọ̀rọ̀ "bí" tó ṣáájú yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé sọnù. Gbogbo ìṣirò tí a ṣe lórí tábìlì, orí pé iyọ̀ kò ṣiṣẹ́ la gbé e kà. Báwo ni nọ́ńbà kan náà ṣe wá lè yí padà sọ fún wa bóyá iyọ̀ ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé a ti gba ọ̀kan gbọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

Ó ṣì ń ṣiyèméjì, mo bá ní, "Ká ní o kò fi iyọ̀ ṣàn án ńkọ́? Ká ní ṣe lo kọrin fún aṣọ mẹ́rin, o kò sì kọrin fún mẹ́rin, tí àwọn tó gbọ́ orin wá gba ipò 1 dé 4?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iye p kò ní yí padà, 0.02857 náà ni. Ṣé yóò wá kọ ọ́ pé ó dá òun lójú ní ìdá 97 nínú 100 pé orin kì í jẹ́ kí aró ṣá? Ohun tó mú kó rẹ́rìn-ín sí orin, tí kò rẹ́rìn-ín sí iyọ̀, kò sí nínú iye p. Inú ohun tó ti mọ̀ nípa aṣọ àti aró tẹ́lẹ̀ ló wà.

Tí a bá sì ní ká sọ òótọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa aró kò gbè sẹ́yìn iyọ̀ púpọ̀. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú èèyàn. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, aró yẹn kì í yòrò nínú omi mọ́, ṣe ló há sínú òwú. Mi ò rí ibi tí iyọ̀ fẹ́ gbà wọ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, 2 nínú 70 kò lè mú mi gba iyọ̀ gbọ́ tó bí yóò ṣe mú mi gba nǹkan tí mo ti fura sí tẹ́lẹ̀ gbọ́.

Ìbéèrè tó kàn ló ba nǹkan jẹ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe yan mẹ́rin tó fi iyọ̀ sí. Ó ní mẹ́rin tí òun kọ́kọ́ rì sínú ìkòkò ni, kí òun má baà gbàgbé. Mo dákẹ́. Aró máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Aṣọ tó kọ́kọ́ wọlé lè mu aró ju èyí tó wọlé gbẹ̀yìn lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀nà àádọ́rin tí a kà kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kèké kọ́ ló yan àwọn oníyọ̀. Iye p kò mọ èyí. Ó kàn gbà pé a ṣẹ́ kèké ni, ó sì lọ. Kò sí ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà tí ì bá fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ hàn. Àfi kéèyàn béèrè.

A tún un ṣe. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ rẹ aṣọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láró, ó sá wọn gbẹ, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. A wá ká bébà mẹ́jọ sínú igbá, mo ní kí ọmọ ilé kan mú mẹ́rin, àwọn wọ̀nyẹn la fi omi iyọ̀ ṣàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún wá tò wọ́n. Àwọn oníyọ̀ gba 1, 2, 3 àti 5. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ká ọwọ́ lérí. `p-value = 0.05714`.

"Ó ti tán, iyọ̀ ò ṣiṣẹ́."

Ẹ wo bí aṣọ kan ṣe yẹ̀ ní ipò kan péré, tí ẹnu èèyàn fi yí padà láti "ó dájú" sí "kò ṣiṣẹ́." Mo ní kó padà sí orí bébà. Èsì tó dára tó báyìí tàbí tó jù ú lọ lápá kan jẹ́ méjì: 1, 2, 3, 4 àti 1, 2, 3, 5. Méjì tún wà lápá kejì. Mẹ́rin nínú 70. Àlàfo tó wà láàárín méjì nínú 70 àti mẹ́rin nínú 70 kò tó ohun tí a fi ń kọ̀ nǹkan sílẹ̀. Ààlà 0.05 tí gbogbo wa ń bẹ̀rù yìí, tí wọ́n ní iye p gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ka èsì sí, Fíṣà, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1925, ohun tó sì sọ nípa rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti lò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ ọ́ lára, mo kó bébà méjì kúrò, ó ku mẹ́fà. Ká ní mẹ́ta sí mẹ́ta ló ṣe. Ọ̀nà 20 péré ló wà. Bí àwọn oníyọ̀ bá tiẹ̀ gba 1, 2, 3 láìyẹ̀, iye p jẹ́ 2 nínú 20, ìyẹn 0.1. Kò sí bí iyọ̀ ṣe lè dára tó tí iye p á fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ 0.05. Ẹni tó bá fi aṣọ mẹ́fà ṣe irú ìdánwò yìí, tó wá kọ ọ́ pé "iyọ̀ kò ṣiṣẹ́", iye aṣọ tó lò ló sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe iyọ̀.

Ó ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Ó tẹ èyí:

```r
wilcox.test(c(1, 2, 3, 5), c(4, 6, 7, 8),
            alternative = "less")
```

0.02857 padà wá. Ó ní, "Bọ̀dá, ìyá aláró ṣáà sọ pé aṣọ kò ní í ṣá ni, kò sọ pé á ṣá jù. Apá kan ló yẹ ká kà." Ọmọ yìí gbọ́n. Ká ní ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó rẹ aṣọ, mi ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó rí 0.057 ló rántí ìyá aláró. Ká ní àwọn aláìníyọ̀ ló gba 1, 2, 3, 5 ńkọ́, ṣé kò ní kọ ọ́ pé iyọ̀ ń ba aró jẹ́? Ó ní á kọ ọ́. Nígbà náà, apá méjèèjì ló ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́rin nínú 70 sì ni nọ́ńbà rẹ̀.

Kí ó tó lọ, mo ní kó gbé aṣọ tó gba ipò kìíní àti èyí tó gba ipò kẹjọ síta sínú oòrùn. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ ẹni tí kò wá a kò ní rí i. Nínú iye p kò sí ìròyìn ìyẹn rárá: ìwọ̀n ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn tirẹ̀.

Ohun tó kọ níkẹyìn nìyí: "Nínú aṣọ mẹ́jọ tí a ṣẹ́ kèké lé lórí, mẹ́ta nínú àwọn oníyọ̀ mẹ́rin ló kéré jù ní ṣíṣá. Bí iyọ̀ kò bá ní ipa kankan, irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí tàbí èyí tó jù ú lọ, lápá èyíkéyìí, á ṣẹlẹ̀ nígbà 4 nínú 70. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú. Aṣọ mẹ́jọ kéré jù láti pinnu." Ọ̀gá rẹ̀ fi bírò pupa béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó wá ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Ó ti ra aṣọ funfun mìíràn báyìí, mẹ́jọ sí mẹ́jọ ló fẹ́ ṣe. Ọ̀nà 12870 nìyẹn. Kò ní fi bébà kà á.