Bí mo ṣe jáde nínú sípírẹ́ẹ̀dì pútù mi lórí SPY

Mo ti jáde nínú sípírẹ́ẹ̀dì náà, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná. SPY ni àpò ìdókòòwò tó ń tẹ̀lé atọ́ka S&P 500. Dọ́là 556 ni ìpín rẹ̀ kan nígbà tí mo wọlé. Pútù ni àdéhùn tó fún ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìpín ní iye kan pàtó títí di ọjọ́ ìparí; kéèyàn ta ọ̀kan, kó sì ra òmíràn pọ̀ mọ́ ọn, ni sípírẹ́ẹ̀dì. Mo ta pútù 540, mo sì ra pútù 535. Ọjọ́ kan náà ni àdéhùn méjèèjì máa parí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbà náà. Mo gba 4.35 lórí èyí tí mo tà, mo san 3.10 lórí èyí tí mo rà, ó ku 1.25. Ìpín ọgọ́rùn-ún ló wà nínú àdéhùn kan, nítorí náà dọ́là 125 ló wọlé. Tí SPY bá ṣì wà lókè 540 lọ́jọ́ ìparí, gbogbo rẹ̀ ti di tèmi. Tó bá já wálẹ̀ kọjá 535, dọ́là 375 ló máa lọ, kò ní ju bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé ọjà máa gòkè o. Ohun tí mo sọ ni pé kò ní já tó dọ́là 16 kí àkókò tó pé. Dẹ́tà pútù 540 jẹ́ 0.28. Àwa oníṣòwò máa ń kà á, láìfi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, pé nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ìgbà 28 ni iye máa wà nísàlẹ̀ 540 lọ́jọ́ ìparí. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ń fi owó gọbọi ra pútù, èmi sì rò pé ẹ̀rù náà ti pọ̀ ju ohun tó fà á lọ.

Kò pẹ́ tí ọjà fi já, SPY bọ́ sí 543. Pútù tí mo tà di 9.55, èyí tí mo rà di 7.50, ó wá jẹ́ pé 2.05 ni mo máa fi jáde. Àdánù dọ́là 80 nìyẹn lójú ìwé. Kì í ṣe dọ́là 80 náà ló dà mí láàmú. Lójú fóònù mi, búrókà ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì, ìyẹn pútù tí mo tà àti èyí tí mo rà, hàn mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan pupa fòò, èkejì tutù yọ̀yọ̀, ó ti jèrè dọ́là 440. Ọwọ́ ń yún mi kí n ta pútù 535 yẹn, kí n kó èrè rẹ̀, kí n wá dúró de ọjà kó padà gòkè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà pé: «Àyà mi ń já, mo sì fẹ́ ta odindi ààbò mi.» Bí mo bá tà á, pútù 540 máa ṣẹ́ kù ní ìhòòhò, ẹni tó ni ín lè ní kí n ra ìpín ọgọ́rùn-ún ní 540, ìyẹn dọ́là 54,000. Búrókà á sì ti béèrè owó ìdúró kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Mo pa fóònù dé.

Ọjà padà sókè. Nígbà tí ó ku bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, SPY ti wà ní 560. Pútù 540 ń lọ láàárín 1.92 sí 1.96, pútù 535 láàárín 1.30 sí 1.34. Bí mo bá gba iye tí ọjà gbé síwájú mi, 0.66 ni màá fi jáde, àárín rẹ̀ jẹ́ 0.62. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú àṣẹ kan ṣoṣo, mo dè é mọ́ 0.62. Kò sẹ́ni tó gbà á. Mo sún un sí 0.63, ó wọlé kíá. Èrè dọ́là 62 nìyẹn, kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́ búrókà.

Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró gba 63 tó kù. Nígbà tí mo wọlé, mo ń fi 375 wá 125, ẹ̀mẹta. Ní 0.63, mo ń fi 437 wá 63, ẹ̀méje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ṣì kù tí ọjà lè tún já bí i ti àkọ́kọ́. Òwò mìíràn ni ìyẹn, mi ò sì ní wọ ọ́ bí wọ́n bá gbé e fún mi lónìí. Lẹ́yìn tí mo jáde, sípírẹ́ẹ̀dì náà já sí 0.30. Ó dùn mí díẹ̀, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mi ò ka èrè yìí sí ẹ̀rí pé èrò mi nípa ẹ̀rù àwọn èèyàn tọ̀nà. Ọjà já dé 543 lóòótọ́. Ó ṣẹ́ ku dọ́là mẹ́ta péré. Ohun tí mo máa yí padà ni pé bí mo bá ti wọlé báyìí, lójú ẹsẹ̀ ni màá fi àṣẹ ìjáde sílẹ̀ ní ìlàjì owó tí mo gbà, kó máa dúró títí mo fi fagi lé e, kí n má bàa máa wo ẹsẹ̀ méjèèjì náà lójoojúmọ́.